Àpótí Tó Yọjú Láìpè: Bí A Ṣe Ń Nu Fídíò Ojú Kọ̀ǹpútà Mọ́

Fídíò náà gùn tó ìṣẹ́jú 12. Olùkọ́ tó ṣe é ń gbé n'Íbàdàn. Ó ń kọ́ àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń ta aṣọ bí wọ́n ṣe lè máa fi LibreOffice Calc ṣe ìṣirò ọjà wọn. Àlàyé rẹ̀ já gaara, ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́, kò sì kọsẹ̀ níbì kankan, àfi ìgbà tó di ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12. Ibi tó ti ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ro owó ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, àpótí kékeré kan ṣàdédé yọ ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Áláàtì báńkì ló gba orí í-meèlì wọlé: iye tí wọ́n yọ, ẹni tí wọ́n san án fún, àti iye tó ṣẹ́ kù. Ó dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó yọ́ padà síbi tó ti wá.

Ó pè mí. "Ṣé wàá lè bá mi pa á rẹ́, àbí kí n tún gbogbo ẹ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má tíì tún un gbà, mà. Ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ lò, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fídíò."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Fídíò ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fún pọ̀ a máa ní èérí yí ká àwọn lẹ́tà rẹ̀, ó sì ṣòro láti lẹ nǹkan mọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ kó má hàn. Bí ẹni náà bá fi í ránṣẹ́ bí ìwé, fáìlì náà á dé ọwọ́ mi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn nírú ọ̀ràn báyìí ni kí wọ́n sọ ibẹ̀ di bàìbàì, tàbí kí wọ́n fi àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké bò ó bí wọ́n ṣe ń bo ojú ọ̀daràn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi kì í fara mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú olùwòran á fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, á máa wo ibi tí wọ́n bò, á máa rò ó pé kí ló wà níbẹ̀. Èkejì ló burú jù: ohun tí wọ́n bò bẹ́ẹ̀ kò kú. Ní 2020, ètò kan tó ń jẹ́ Depix jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi onígun mẹ́rin bò nínú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kó sì gbìyànjú láti mú àwọn lẹ́tà náà padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí i ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ohun tó wà nínú áláàtì báńkì, mẹ́wàá péré sì ni ìrísí tí nọ́ńbà lè ní. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí náà máa ń rìn wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ìbòjú bá fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́, ẹni tó bá dá fídíò náà dúró níbẹ̀ ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tó dára jù ni kí a dá ohun tó wà lábẹ́ àpótí náà padà, ó sì rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bí a bá ya fídíò ní ọjà Dùgbẹ̀, kò sí ohun tó dúró lójú kan: ewé ń mì, òòrùn ń yí, ọwọ́ ẹni tó ń ya á ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kì í yí padà àfi bí nǹkan kan bá yí i. Ibi tí àpótí yẹn bò ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 wà ní gbangba ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, láìsí ohun tó bò ó, àwọ̀ kan náà, ìlà kan náà, ní àyè kan náà. Télọ̀ tó fẹ́ lẹ aṣọ tó ya a máa wá ègé kan lára ìṣẹ́po aṣọ yẹn gan-an kí ó má bàa hàn. Ohun tí a ń ṣe níbí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ń wá ìgbà tí ibẹ̀ mọ́, a ń gé e, a ń gbé e lé ìgbà tó dọ̀tí.

Àwòrán tó tò tẹ̀ léra ni fídíò, fírémù sì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fídíò tiwa yìí ní fírémù 30 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1920 sí 1080, ìyẹn ni pé àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké 1920 ló tò ní ìbú, 1080 ní òró. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a mọ fírémù tí àpótí náà kọ́kọ́ fi yọ àti èyí tó fi lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀, bí a bá tẹ bọ́tìnnì olọ́fà tó wà lórí kíbọọ̀dù, fídíò á máa sún ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ nìyí, nítorí pé kì í ṣe àpótí fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Òjìji rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ó fẹ́lẹ́, ó rí eérú, ó sì ṣòro láti rí lórí ojú funfun. Lórí Windows, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni àpótí ìfitónilétí máa ń dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí a bá ro wíwọlé àti jíjáde rẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń lé díẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 252, ó sì parẹ́ kí ó tó di 258. Mo fi ìdá díẹ̀ kún un níwájú: láti 251.8 títí dé 258.

Ẹ̀yìn èyí ni kí a mọ ibi tó wà. Mo mú fírémù kan tí àpótí náà yọ sí dáadáa, mo ṣí i nínú Paint, mo sì gbé ọfà mọ́ọ̀sì sí igun rẹ̀ lókè lápá òsì. Paint máa ń kọ nọ́ńbà àyè tí ọfà wà sísàlẹ̀. Láti igun òsì lókè pátápátá ni wọ́n ti ń kà á. Àpótí náà pẹ̀lú òjìji rẹ̀ wà láàárín 1500 àti 1920 ní ìbú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 800 wá sísàlẹ̀ títí dé eteetí ọ̀pá iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ègé tí mo nílò jẹ́ 420 ní ìbú, 230 ní òró. Nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni mo mú, mi ò sì ṣèèṣì ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, àmì mẹ́rin tó fara kọ́ra, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Bí a bá gé e sí àárín wọn, ìlà tín-ín-rín kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu lè hàn ní eteetí.

Ẹni tó ní Kdenlive, DaVinci Resolve tàbí CapCut lè fi ọwọ́ ṣe èyí: kí ó dá fírémù tó mọ́ dúró, kí ó gbé e sórí ìpele tó wà lókè fídíò, kí ó sì gé gbogbo rẹ̀ dànù àfi igun tó nílò. Èmi fẹ́ràn láti fi ffmpeg ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà tó lágbára. Àṣẹ àkọ́kọ́ mú fírémù kan ṣoṣo láti ìṣẹ́jú-àáyá 250, nígbà tí ibẹ̀ ṣì mọ́:

```
ffmpeg -ss 250 -i eko.mp4 -frames:v 1 -an -c:v ffv1 mimo.mkv
```

Àṣẹ kejì gé igun náà lára fírémù yẹn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò ní àkókò tí a dá fún un nìkan:

```
ffmpeg -i eko.mp4 -i mimo.mkv -filter_complex "[1:v]crop=420:230:1500:800[p];[0:v][p]overlay=1500:800:enable='between(t,251.8,258)'[v]" -map "[v]" -map 0:a:0 -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy eko2.mp4
```

Ẹni tó bá mọ ffmpeg lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi fírémù yẹn pamọ́ bí àwòrán PNG lásán. Bí fídíò ṣe ń tọ́jú àwọ̀ yàtọ̀ sí ti PNG. Bí a bá yí i lọ, tí a tún yí i bọ̀, ìṣirò àlọ lè má bá ti àbọ̀ mu. Funfun àti eérú kì í yí, nítorí náà èèyàn lè má fura. Ṣùgbọ́n bí àlẹ̀mọ́ náà bá kan ibi tó ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, onígun mẹ́rin kan á hàn níbẹ̀ tó ṣú díẹ̀ tàbí tó mọ́ díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. ffv1 kò yí àwọ̀ padà rárá. Nọ́ńbà 18 tó tẹ̀ lé crf sì ni ìwọ̀n bí a ṣe fẹ́ kí fídíò mọ́ tó. Bó bá ṣe kéré sí ni yóò ṣe mọ́ sí, tí fáìlì yóò sì wúwo sí.

Igun nìkan la lẹ̀, a kò dá gbogbo ojú fídíò dúró, nítorí pé ní àárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà yẹn, olùkọ́ wa ṣì ń tẹ owó ọjọ́ Ẹtì àti ti Sátidé sínú ìlà tó wà lápá òsì. Ká ní gbogbo ojú rẹ̀ la dá dúró ni, ohùn rẹ̀ á máa ka nọ́ńbà, nọ́ńbà kankan ò sì ní máa wọlé.

Àwọn àṣẹ yìí ì bá tó, bó bá jẹ́ pé ohunkóhun kò mì lábẹ́ àpótí náà. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 256, àpótí náà ò tíì lọ, olùkọ́ yí kẹ̀kẹ́ mọ́ọ̀sì, gbogbo ìlà tó wà lójú ìwé sì sún sókè. Bí àlẹ̀mọ́ wa bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ìlà á máa gòkè lápá òsì, tọ̀tún á sì dúró bí òkúta. Ọmọdé á rí i. Kò sì sí ìgbà mìíràn nínú fídíò náà tí a ti lè rí ibi yẹn nígbà tó ń sún.

Mo wá fi àlẹ̀mọ́ náà mọ sí 256, mo sì fa ojú fídíò súnmọ́ tòsí fún èyí tó kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpótí náà kò kọjá 1500 wá sí òsì. Bí mo bá mú apá òsì lókè nìkan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1500, tí mo sì fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kún ojú fídíò, àpótí náà ti bọ́ síta nìyẹn. 1920 tí a pín sí 1500 jẹ́ 1.28, ìyẹn ni pé mo fẹ ojú rẹ̀ ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà á rọ̀ díẹ̀ bí a bá fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Bó bá ti tó ìlọ́po kan ààbọ̀, èmi kì í ṣe é mọ́. Mo jẹ́ kí ó rọra súnmọ́ láti 255.4 títí dé 256, nígbà tí àlẹ̀mọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí àpótí má bàa yọjú ní àárín méjèèjì. Lẹ́yìn 258, ó rọra padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ńṣe la fẹ́ kí òun rí ìlà àpapọ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun méjì kan wà tí àpótí ìfitónilétí máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ọ̀kan ni àmì orí áàpù. Lẹ́yìn tí áláàtì náà lọ, nọ́ńbà kékeré kan hàn lórí àmì í-meèlì nísàlẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí fídíò fi parí. Ẹni tó bá lẹ àpótí nìkan á rí i pé fídíò yí padà láti ibẹ̀ lọ láìmọ ohun tó yí. Mo mú ọ̀pá iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn lódindi láti inú fírémù kan náà, mo sì fi bo tìsàlẹ̀ láti 251.8 títí dé òpin. Aago tó wà níbẹ̀ dúró sójú kan láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń wo aago nínú fídíò ìṣirò ọjà, ó sì sàn ju pé kí aago máa fò bí a bá gé nǹkan kan kúrò láàárín.

Èkejì ni ìró. Àpótí yẹn dún "tín" nígbà tó wọlé. Oríire wa ni pé OBS Studio ni olùkọ́ fi gba fídíò náà, ó sì ti ya ohùn máíkì sọ́tọ̀ sí ìlà kìíní, ó fi ìró kọ̀ǹpútà sí ìlà kejì. Bí ẹ bá wo àṣẹ kejì tó wà lókè, ẹ ó rí 0:a:0 níbẹ̀: ìlà ohùn kìíní nìkan ló kó, ìró "tín" kò sì bá wọn dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè kọ̀ǹpútà ló dún tí máíkì sì gbọ́ ọ, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Bó bá bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ méjì, a lè mú ìdákẹ́jẹ́ yàrá kan náà láti ibòmíràn nínú fídíò yẹn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi òfo pátápátá sí i, nítorí yàrá kì í dákẹ́ pátápátá, etí á sì mọ̀. Bó bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ni kí olùkọ́ tún sọ.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà mọ́, mo máa ń wo fírémù mẹ́wàá tó ṣáájú ibi tí àlẹ̀mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ síwájú, bọ̀ sẹ́yìn. Bí eteetí bá wà, ìgbà tó bá ń fò wọlé tó ń fò jáde ni ojú máa ń rí i, kì í ṣe ìgbà tó dúró. Mo tún máa ń mú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fídíò náà jìnnà síra fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹ́dítọ̀, kí òjìji tó bá ṣẹ́ kù lè jáde gbangba.

Kọ́sọ̀ ńkọ́, ìyẹn ọfà mọ́ọ̀sì? Ọ̀ràn tirẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní ohun kan tó yani lẹ́nu. Kọ́sọ̀ kì í sábà sí lára àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ń yà á lé orí rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012, ọ̀nà kan wà tí Windows fi ń fún ètò tó ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní àwòrán lọ́tọ̀, tó sì ń sọ ìrísí kọ́sọ̀ àti ibi tó wà fún un lọ́tọ̀. Ètò náà ló ń pinnu bóyá kí òun yà á sínú fídíò. Ìdí nìyẹn tí ibì kan fi wà nínú OBS tí wọ́n kọ "Capture Cursor" sí: bí ẹ bá yọ àmì kúrò níbẹ̀, kọ́sọ̀ ò ní wọnú fídíò láéláé. Camtasia ń fi kọ́sọ̀ pamọ́ sọ́tọ̀ nínú fáìlì rẹ̀, ẹ lè fi í pamọ́ fún olùwòran níbi tó bá wù yín, kí ẹ sì mú un padà níbòmíràn. Owó ni wọ́n ń fi rà á, bí ẹni tó ń ṣe fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá sì ní kí n gba òun nímọ̀ràn, màá ní kí ó ra irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí OBS bá ti ya kọ́sọ̀ sínú fídíò, ó ti di ara rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹ sáré yọ àmì "Capture Cursor" yẹn kúrò fún fídíò ẹ̀kọ́. Bọ́tìnnì á ṣì máa tàn bí mọ́ọ̀sì bá gorí rẹ̀, àlàyé kékeré á ṣì máa yọ lábẹ́ rẹ̀, mẹ́nù á sì máa ṣí fúnra wọn bí ẹni pé iwin ló ń tẹ̀ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ ibi tí wọ́n tẹ̀. Ohun tó yẹ kí a mú kúrò ni kọ́sọ̀ tí kò ṣiṣẹ́: èyí tí olùkọ́ gbé lé orí nọ́ńbà tó ń ka, àti èyí tó ń fì káàkiri nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ ò dákẹ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó jókòó sójú kan rọrùn. Bákan náà la ṣe ń lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àpótí: ẹ wá fírémù tí kọ́sọ̀ wà níbòmíràn, kí ẹ mú àyè kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé bí kọ́sọ̀ bá wà lórí bọ́tìnnì, bọ́tìnnì náà ti yí àwọ̀ padà. Gbogbo bọ́tìnnì ni kí ẹ lẹ̀, kì í ṣe ìrísí ọfà nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnnì á tàn láìsí ẹni tó kàn án.

Èyí tó ń rìn káàkiri ni àlẹ̀mọ́ kò lè bá. ffmpeg ní àsẹ́ kan fún un tó ń jẹ́ tmedian. Fún àmì ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wo fírémù mélòó kan níwájú àti lẹ́yìn, ó ń to àwọn àwọ̀ tó rí láti orí èyí tó ṣú jù dé orí èyí tó mọ́ jù, ó sì ń mú ti àárín. Bí a bá sọ fún un pé 15, fírémù 31 ló máa wò, ìyẹn bí ìṣẹ́jú-àáyá kan:

```
ffmpeg -i ege.mp4 -vf tmedian=radius=15 -c:v libx264 -crf 18 -an ege2.mkv
```

Ká ní kọ́sọ̀ gba orí lẹ́tà kan kọjá, tó sì lo fírémù mẹ́rin níbẹ̀. Nínú 31 yẹn, 27 ló rí lẹ́tà náà láìsí ohun tó bò ó. Ti àárín á jẹ́ ti lẹ́tà, kọ́sọ̀ á sì pòórá. Bó bá dúró fún fírémù 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló pọ̀ jù, kò ní kúrò. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé lẹ́tà tí olùkọ́ tẹ̀ kì í parẹ́, nítorí pé lẹ́tà tó bá ti wọlé kì í tún jáde. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá yára wá tó sì yára lọ á bá kọ́sọ̀ lọ: bọ́tìnnì tó ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, mẹ́nù tó ṣí tó sì pa dé kíá. Ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú nínú ibi tí a ń kọ̀wé sí, tó ń wà fún bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó sì ń lọ fún ìdajì, lè parẹ́ pátápátá tàbí kó máa ṣẹ́jú ségesège. Bí ojú ìwé bá ń sún, gbogbo rẹ̀ á dàrú bí ẹni fi ọwọ́ pa tàdáwà tútù.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í sórí fídíò lódindi. Ègé tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tí ohunkóhun kò sì mì àfi ọfà ni kí ẹ gé. Ẹ gé e kí ó fi bí ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn ju ohun tí ẹ nílò lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, nítorí àsẹ́ náà kò rí fírémù tó ní etí méjèèjì. Ẹ wá gbé e lé orí fídíò ti tẹ́lẹ̀ nínú ẹ́dítọ̀, kí ẹ sún un títí ohun kan tó hàn nínú méjèèjì, lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ tàbí àpótí kan tó yí àwọ̀, yóò fi bá ara wọn mu ní fírémù kan náà. Ohùn ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ó máa lọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe gbogbo wàhálà yìí lè tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú N kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tan agogo kékeré tó wà níbẹ̀ sí "Do not disturb". Ìyẹn ni ti Windows 11. Lórí Windows 10, "Focus assist" ni wọ́n ń pè é. Ó tún lè sọ fún OBS pé kí ó gba fèrèsé kan ṣoṣo, "Window Capture", dípò gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, nítorí fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni àpótí ìfitónilétí jẹ́. Àlébù ibẹ̀ ni pé fèrèsé lọ́tọ̀ ni mẹ́nù kan náà máa ń jẹ́, wọ́n sì lè má hàn nínú fídíò. Ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gba odidi ẹ̀kọ́.

Ọ̀ràn tó le jù lọ ni ti fídíò tó ti wà lórí YouTube kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé áláàtì wà nínú rẹ̀. YouTube kì í jẹ́ kí èèyàn fi fáìlì tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ sábẹ́ líǹkì kan náà. Ohun tí wọ́n fún wa nínú YouTube Studio ni ẹ́dítọ̀ kan tó lè gé apá kan kúrò, tàbí kó sọ àyè kan di bàìbàì. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan tàbí ìkíni lásán ló yọ, ẹ lè sọ ọ́ di bàìbàì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà owó ni, tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́, ẹ gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà náà dànù bí ẹ̀kọ́ tilẹ̀ máa já níbẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yí fídíò náà sí "Private", nítorí ẹ́dítọ̀ YouTube lè pẹ́ kó tó parí iṣẹ́, fídíò ti tẹ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn á sì máa wò títí yóò fi ṣe tán.